Yàrá Tí A Ti Láti Inú: Bí A Ṣe Ń Hun Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Láìrẹ́ Òǹkàwé Jẹ

Ọ̀rọ̀ ìtàn àtẹ̀léra ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá irú èyí tí wọ́n bá òkú nínú yàrá tí a ti láti inú, tí kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí apànìyàn gbà jáde.

Ohun tí ó máa ń bí òǹkàwé nínú jù lọ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó tẹ̀ lé e láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó máa bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí ẹni tó ṣe é, kí ó wá di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, kí òǹkọ̀wé mú àjèjì kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí jáde, kí ó ní òun ni apànìyàn. Àwọn mìíràn a sọ pé oògùn ni ó fi wọlé, tàbí pé ihò kan wà lábẹ́ ibùsùn tí a kò sọ fún wa. Ẹni tó fi kọ́bọ̀ rẹ̀ ra ìwé ìròyìn ti rà á tán. Bí a bá tàn án jẹ, a ti jí owó rẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni ó wà: gbogbo ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi mọ ọ̀daràn, òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti rí i ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Nínú ìwé Yorùbá, a ní àwọn àgbà tó ti la ọ̀nà. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969, Kọ́lá Akínlàdé sì kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní ọdún 1971. Ti Òkédìjí kún fún eré àti ìlépa: Lápàdé a máa sáré tẹ̀ lé ọ̀daràn. Ti yàrá tí a ti láti inú yàtọ̀. Nínú rẹ̀ kò sí ẹni tó ń sáré. Ojú kan ni gbogbo wa jókòó sí, tí a ń wo ilẹ̀kùn kan.

Ẹni tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ ìtàn sínú ìwé ìròyìn kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Israel Zangwill ti ìlú Lọ́ńdọ̀n. Ní ọdún 1891, ó kọ ìtàn kan sínú ìwé ìròyìn The Star, nípa ọkùnrin kan tí wọ́n bá ní òkú nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Bow, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì láti inú. Bí ìtàn náà ti ń jáde ni àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà wá, tí olúkúlùkù ń sọ ẹni tó rò pé ó ṣe é. Nígbà tí ìtàn parí, Zangwill fi ẹ̀fẹ̀ kọ̀wé pé ẹni kan ṣoṣo tí òǹkàwé kankan kò fura sí ni òun mú ní apànìyàn. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́, títí tí ó fi ní láti ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwàdà ni, pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ bí òǹkọ̀wé kò bá ti mọ òpin rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ìdáhùn ni a kọ́kọ́ ń kọ, ìbéèrè ni a ń kọ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a jọ hun ọ̀kan pa pọ̀, kí a lè rí bí ó ti ń rí. Abẹ́òkúta ni kí a fi sí, ní Ìtòkú, láàárín àwọn aládìrẹ, ní ọdún 1958. Ìtàn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. N kò ní fún wọn ní orúkọ, iṣẹ́ wọn ni a óò fi máa pè wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni a óò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún ara wa. Ìyá Aládìrẹ jẹ́ arúgbó tó ń ṣe àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi ìko di. Òun náà ni olórí èsúsú, ó mọ ìwé kọ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé èsúsú wà. Bàbá Onípáànù ń gbé ní òdìkejì odò Ògùn. Òun ló ń gé páànù oníṣẹ̀ẹ́ṣọ́ọ́, tó ń fi í tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bàbá yìí ti kó èsúsú, kò sì dá owó mọ́. Ìyá ti pinnu láti pe orúkọ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ní alẹ́ ọjọ́bọ̀, bàbá wá bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó fi ìrọ̀rí dí i lẹ́nu títí ẹ̀mí fi bọ́, ó sì mú ìwé èsúsú lọ. Kò fọwọ́ kan owó. Ó fẹ́ kí ayé rò pé arúgbó sùn, kò jí, kí wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn fi gbọ́dọ̀ dà bí èyí tí a ti láti inú.

Ẹ kíyèsí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọ̀pọ̀ ìtàn ni ó ń kú síbẹ̀. Òǹkọ̀wé a ti ilẹ̀kùn pa nítorí pé ó wù ú, ṣùgbọ́n apànìyàn nínú ìtàn kò ní ìdí kankan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀daràn bá lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí ó sì máa lọ láìséwu, kí ni ó ń fi wákàtí ṣòfò sí? Kí a tó wá ọgbọ́n tí yóò fi ti ilẹ̀kùn, a gbọ́dọ̀ mọ àǹfààní tí títì rẹ̀ yóò ṣe fún un.

Ọgbọ́n ọ̀hún wá ńkọ́? Ilẹ̀kùn yàrá ìyá ń ṣí sí inú. Bóòtì wà lára rẹ̀ nínú, irin kékeré tí orí bóòtì ń kì bọ̀ sì wà lára férémù, síkúrúù mẹ́ta ni ó dè é mọ́lẹ̀. Bàbá Onípáànù tú síkúrúù mẹ́ta náà, ó kó irin kékeré àti síkúrúù sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ta bóòtì síta bí ẹni pé a ti í. Lẹ́yìn náà, ó jáde, ó ká èkísà aṣọ kan sí ojú méjì, ó fi í sí etí ilẹ̀kùn, ó sì fà á pa gírígírí láti ìta, tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ há láàárín ilẹ̀kùn àti férémù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tì í ní òwúrọ̀ yóò rí i pé kò mì. Ẹni tó bá fi èjìká gbá a yóò já a wọlé, gbogbo ènìyàn yóò sì rí bóòtì tó yọrí síta àti irin tó bọ́ sílẹ̀, wọn yóò ní, “A ti já bóòtì!” Kò sí bóòtì kankan tí a já. Kò tilẹ̀ sí ohun tí bóòtì kì bọ̀ ní gbogbo òru.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà tirẹ̀, ẹni tí yóò kọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí sí ìta, kò ṣeé ṣe. Bí àlàfo etí ilẹ̀kùn bá fẹ̀ jù, aṣọ kò ní há. Aṣọ tó há kò sì lágbára bíi irin, nítorí náà apànìyàn kò lè fi fífọ ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láàárọ̀, kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ tì í, tí yóò pariwo pé, “Ó ti bóòtì láti inú!” Bí òǹkọ̀wé bá ní ilẹ̀kùn nílé, kí ó dán an wò kí ó tó kọ ọ́. Nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn wa, káfíńtà pọ̀ níbẹ̀.

Nísinsìnyí a wá kan àmì. Ẹni mẹ́rin ni a óò fi síwájú òǹkàwé, kí ó lè fura sí wọn: ọmọ àbúrò ìyá, tó ń gbé nínú ilé, tí yóò sì jogún, tíṣà kan tó gba yàrá níbẹ̀, tó jẹ owó ilé, káfíńtà tó ṣe bóòtì náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àti Bàbá Onípáànù. Iṣẹ́ àmì ni láti yọ àwọn mẹ́ta kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó ku ẹnì kan. Àmì tí kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò, tí kò sì tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àmì kìíní ni síkúrúù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ilẹ̀kùn já, a óò sọ pé síkúrúù mẹ́ta wà nílẹ̀, pé wọ́n gún régé, pé ihò wọn lára férémù mọ́ tónítóní. Bí èjìká ènìyàn bá ya síkúrúù kúrò lára igi, igi a fọ́, a máa hó ṣákaṣàka. Káfíńtà tó ń ka ìtàn wa yóò ti rẹ́rìn-ín músẹ́ níbẹ̀. Àmì yìí kò sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó sọ ni pé a kò ti ilẹ̀kùn láti inú rárá. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé ojú òǹkàwé tí kò farabalẹ̀ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà, nítorí òun ló mọ síkúrúù. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Òótọ́ tó ní ojú méjì ni.

Àmì kejì ni obì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a óò fi hàn pé ìyá kò ní eyín mọ́, tó jẹ́ pé ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ní ń rin obì fún un kí ó tó jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwo obì wà lórí ẹní, obì àbàtà olójú mẹ́rin ni, ojú méjì ló kù. Ta ni ó jẹ méjì yòókù? Kì í ṣe ìyá. A kì í gbé àwo obì síwájú ẹni tí a jọ ń gbé inú ilé ní alẹ́. Àlejò ni a ń fún ní obì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ àbúrò àti tíṣà ti bọ́ síta. Ẹnì kan lè ní, “Ṣé wọn kò lè fi obì síbẹ̀ láti tan wá jẹ ni?” Rárá. Ẹni tó ń fẹ́ kí a rò pé ìyá dá kú lójú oorun kò ní fi àmì àlejò sílẹ̀. Ìbéèrè yìí ni a gbọ́dọ̀ bi ara wa lórí gbogbo àmì: ṣé ẹlòmíràn lè dọ́gbọ́n gbé e kalẹ̀? Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmì náà kò yọ ẹnikẹ́ni.

Àmì kẹta ni ìwé èsúsú. Owó wà nínú àpótí, kò dín kọ́bọ̀, ìwé ni kò sí. Olè kì í fi owó sílẹ̀ kó ìwé. Ẹni tó jẹ èsúsú ní gbèsè nìkan ni ìwé tó sọnù ń ṣe láǹfààní. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìyá ti sọ létí gbogbo ilé pé ẹnì kan kó èsúsú tán, kò dá mọ́, òun yóò sì pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nígbà tí káfíńtà ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, a ti jẹ́ kí ó ṣàwàdà pé, “Ìyá, ẹ máa fi èsúsú yín yangàn, èmi kò sí níbẹ̀.” Àwàdà ni òǹkàwé yóò kà á sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló yọ káfíńtà kúrò.

Àmì kẹrin ni ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ra, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí pé a pín in sí méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ní ọjọ́bọ̀ náà gan-an, Bàbá Onípáànù pàdé tíṣà lọ́nà ọjà, ó ń yangàn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gé páànù tuntun tán, ẹyẹ méjì tó kẹ̀yìn síra, pé èkísà kan ṣoṣo ni òun fi dán an wò, pé ó di ọ̀la kí ojú ayé tó rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí a ń ka ohun tó wà nílẹ̀ yàrá, a óò dárúkọ ìdì ìko, àpò ẹlú, ojúgbà bàtà kan, èkísà funfun kan tí ẹ̀kọ ẹyẹ wà lára rẹ̀, tí ẹ̀kọ náà sì sán ní ìlà kan gbọọrọ láàárín, àti igbá kan. Ilé aládìrẹ ni. Ta ni yóò bìkítà fún èkísà? Ṣùgbọ́n ìyá oníko ni, kì í tẹ ẹ̀kọ. Ìlà gbọọrọ tí ẹ̀kọ gbígbẹ fi sán sì ni ojú ibi tí a ti ká a. Ẹni tó rántí ẹyẹ méjì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti mú apànìyàn lọ́wọ́.

Bí a bá sọ ìdajì méjèèjì ní ojú ewé kan náà, ọmọ iléèwé yóò mọ̀ ọ́n. Bí a bá fi ìdajì kan pamọ́ di ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ti rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn ni ó tọ́. Ibi tí a gbé e sí sì ṣe pàtàkì: àárín ohun márùn-ún ni, kì í ṣe ìkíní, kì í ṣe ìkẹyìn, nítorí ìkíní àti ìkẹyìn ni ojú òǹkàwé ń dì mú. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere. Kíkọ “èkísà kan” lásán láìsọ ti ẹyẹ àti ìlà náà, ìrẹ́jẹ ni.

Ó ku ìwà Bàbá fúnra rẹ̀. Láàárọ̀, òun ló kọ́kọ́ dé, ó ní òun mú páànù tuntun wá fi han ìyá. Òun ló fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, òun ló pariwo bóòtì, òun àti ọmọ àbúrò ló jọ gbá a wọlé. Bí gbogbo ènìyàn ti rọ́ lọ sí ibùsùn, òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ ká ẹní kúrò lọ́nà, ìyàwó ọmọ àbúrò sì ní, “Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ẹ́ ṣe wàhálà.” Èkísà rẹ̀ ni ó ń wá. Òǹkàwé yóò kà á sí ìwà rere àgbàlagbà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti ìbéèrè ọlọ́pàá. Níbẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ fi àmì tuntun kún un, àfi kí a jẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ihò síkúrúù lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ilé bóyá ìyá máa ń tẹ ẹ̀kọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni, “Rárá o, ìko nìkan ni.” Kí ìtàn dúró níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tú u ní ọ̀nà tí òǹkàwé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́, kí ó máa tọ́ka pé, “Ibí yìí ni wọ́n ti sọ ọ́.”

Kí òǹkọ̀wé tó fi ìtàn ránṣẹ́ sí olóòtú, ọ̀nà kan wà tó fi lè mọ̀ bóyá ó yè kooro. Kí ó fún ẹni méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kà, kí ó fi ti ìkẹyìn pamọ́, kí ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ apànìyàn àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Bí àwọn méjèèjì bá mọ̀ ọ́n kíá, àmì ti fojú hàn jù, ẹ gbé èkísà náà jìnnà sí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ka ìdáhùn sí wọn létí kí ẹ sì wo ojú wọn. Ẹni tó lu orí ara rẹ̀ tó ní, “Áà! Ẹyẹ méjì!” ti dá yín láre. Ẹni tó bá ní, “Ìgbà wo ni ẹ sọ ìyẹn?” ẹ padà lọ kọ ọ́, nítorí pé ẹ kò sọ ọ́ tó.